Sẹ́fà ní Kétu, náírà ní Ìlárá: kí ló dé tí kofariáńsì yàtọ̀ tí kọrelasiọ́n ò yàtọ̀?

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń bá ìyá mi kọ ìwé gàrí sílẹ̀ lọ́jà Kétu: iye tí abọ́ kan jẹ́ lọ́jọ́ ọjà, àti iye kílò tí wọ́n tà. Kọ̀ǹpútà ní kofariáńsì méjèèjì jẹ́ -612.5. Àbúrò ìyá mi tó wà ní Ìlárá sọ owó náà di náírà, tirẹ̀ jáde ní -1531.25. Síbẹ̀, nígbà tí a ṣe kọrelasiọ́n, -0.96 ni àwa méjèèjì rí. Ta ló ṣìṣe nínú wa? Kí sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wọ̀n gan-an?*

Àbúrò mi, kò sí ẹni tó ṣìṣe. Ìṣirò yín pé. Nọ́ńbà kan wà tó máa ń ru orúkọ owó àti orúkọ ìwọ̀n kiri, èkejì ti sọ ẹrù náà kalẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ìwé ọjọ́ ọjà márùn-ún tí o fi ránṣẹ́ ni màá lò, torí ó kéré tó ohun tí a lè fi ọwọ́ ṣe, mo sì fẹ́ kí o fi ọwọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí o tó gba kọ̀ǹpútà gbọ́.

Lọ́jọ́ ọjà àkọ́kọ́, abọ́ gàrí kan jẹ́ 300 sẹ́fà, ìyá yín sì ta 100 kílò. Lọ́jọ́ kejì abọ́ di 320, wọ́n ta 85. Lọ́jọ́ kẹta ó di 350, 85 náà ni wọ́n tún tà. Lọ́jọ́ kẹrin, 380, ọjà wálẹ̀ sí 70 kílò. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, abọ́ ti di 400, 60 kílò péré ló lọ. Ro owó márààrún pọ̀ kí o pín in sí márùn-ún: ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 350 sẹ́fà. Ti kílò jẹ́ 80.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kofariáńsì ń bi ìwé náà: lọ́jọ́ tí owó bá kúrò ní àárín rẹ̀, apá ibo ni kílò gbà lọ? Wo ọjọ́ àkọ́kọ́. Owó fi 50 sẹ́fà rẹlẹ̀ sí àárín, kílò fi 20 ga ju àárín tirẹ̀. Ọ̀kan wálẹ̀, èkejì gòkè. Bí o bá sọ òdì 50 àti 20 di púpọ̀, òdì 1000 ni. Lọ́jọ́ kejì, owó ṣì fi 30 rẹlẹ̀, kílò fi 5 ga: òdì 150. Lọ́jọ́ kẹta owó dúró sí àárín gẹ́lẹ́, nítorí náà ọjọ́ yẹn ò sọ nǹkan kan, òdo ló mú wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kílò fi 5 ga. Lọ́jọ́ kẹrin owó fi 30 ga, kílò fi 10 rẹlẹ̀: òdì 300. Lọ́jọ́ karùn-ún, 50 lókè, 20 nísàlẹ̀: òdì 1000 mìíràn. Ro wọ́n pọ̀, òdì 2450 ni. Pín in sí mẹ́rin, -612.5 rẹ nìyẹn.

O lè béèrè pé ṣebí ọjọ́ márùn-ún ni, kí ló dé tí a pín in sí mẹ́rin. Inú ọjọ́ márùn-ún yẹn kan náà ni a ti fa àárín yọ. Tí o bá ti mọ bí ọjọ́ mẹ́rin ṣe jìnnà sí àárín, ọjọ́ karùn-ún ò ní òmìnira mọ́, ibi tó máa wà ti di dandan. Ẹ̀rí mẹ́rin ló kù, òun la fi pín in. Fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ṣì ń padà bọ̀ sórí ẹ̀.

Àmì tó wà níwájú nọ́ńbà yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú kofariáńsì. Òdì túmọ̀ sí pé bí owó bá gòkè, kílò á wálẹ̀. Ká ní àwọn méjèèjì ń gòkè pọ̀ tí wọ́n sì ń wálẹ̀ pọ̀ ni, òdì tó bá pàdé òdì á di ìròpọ̀, àròpọ̀ náà á sì kúrò ní òdì. Ká ní wọn ò mọ ara wọn rárá, ọjọ́ kan á máa pa ọjọ́ kejì rẹ́, àròpọ̀ á sì sún mọ́ òdo. Títí débẹ̀, kò sí wàhálà.

Inú 612.5 ni wàhálà wà. 612.5 kí ni? Sẹ́fà la fi kílò sọ di púpọ̀, nítorí náà 612.5 sẹ́fà-kílò ni. Ta ló rí sẹ́fà-kílò rí? Wọn ò lè ṣẹ́ ẹ ní báńkì, ìwọ̀n aláta ò sì lè gbé e. Kò sí bí mo ṣe lè wo 612.5 kí n sọ fún ọ bóyá ó pọ̀ tàbí ó kéré.

Ẹ jẹ́ ká wá kọjá sí Ìlárá. Mo rí i pé náírà méjì àtààbọ̀ sí sẹ́fà kan ni àbúrò ìyá yín lò. 50 sẹ́fà tí owó fi rẹlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ di 125 náírà. 30 di 75. Kò sí ọjọ́ kan tí kò pọ̀ sí i ní ìlọ́po 2.5, nítorí náà àròpọ̀ náà gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀: 612.5 lọ́nà 2.5 ni 1531.25. Gàrí ò yí padà, oníbàárà ò yí padà. Ká tún ní ìyá yín àgbà fẹ́ kà á ní àpò, àpò kan sì jẹ́ 50 kílò. Nígbà yẹn 20 kílò di àpò 0.4, kofariáńsì á sì wálẹ̀ di -12.25. Òdì 12, òdì 612, òdì 1531: ọjà kan náà, igbá gàrí kan náà. Ẹni tí kò mọ̀ lè búra pé ìbátan owó àti títà ní Ìlárá fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lágbára ju ti ìyá àgbà lọ.

Má rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Ẹnì kan wà tí a jọ ṣiṣẹ́ rí lórí ìwé kajú lágbègbè Sábẹ̀ẹ́. Ó ṣe kofariáńsì òjò àti ìkórè, ó fi mìlímítà wọn òjò, ó fi kílò wọn kajú. Ó tún ṣe ti ọjọ́ orí igi àti ìkórè, ọdún ló fi ka ọjọ́ orí. Ti òjò tóbi gan-an ju ti ọjọ́ orí lọ, ló bá kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ pé òjò ló ń darí oko yìí, ọjọ́ orí igi ò fi bẹ́ẹ̀ jọjú. Ṣùgbọ́n òjò ọdún kan sí èkejì lè fi ọgọ́rùn-ún mìlímítà yàtọ̀ síra, ọjọ́ orí igi ò lè ju ọdún mélòó kan lọ síra wọn nínú oko kan. Mìlímítà ló ń pariwo, kì í ṣe òjò. Ká ní ó fi mítà wọn òjò ni, nọ́ńbà rẹ̀ ì bá wálẹ̀ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, ọjọ́ orí igi ì bá sì borí. Àwọn tó ka ìjábọ̀ náà ò mọ̀, èmi náà sì ti fọwọ́ sí i kí n tó fura.

Báwo wá ni kọrelasiọ́n ṣe bọ́ nínú ọ̀ràn yìí? Kò fi sẹ́fà wọn sẹ́fà mọ́. Bí owó ṣe máa ń fọ́n ká fúnra rẹ̀ ló fi ń wọn owó, bí kílò ṣe máa ń fọ́n ká ló sì fi ń wọn kílò. Ohun tí wọ́n ń pè ní ekatípù nílé ẹ̀kọ́ wa níbí nìyẹn, èmi máa ń pè é ní ìwọ̀n ìfọ́nká. Ti owó ìyá yín: sọ ìyàtọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, 2500, 900, òdo, 900, 2500. Àròpọ̀ 6800, pín in sí mẹ́rin, 1700. Wá nọ́ńbà tí a máa fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ kó tó di 1700: 41.23. Ìwọ̀n ìfọ́nká owó jẹ́ 41.23 sẹ́fà. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún kílò, wàá rí 15.41 kílò.

Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ owó fi 50 sẹ́fà rẹlẹ̀. Pín 50 sẹ́fà sí 41.23 sẹ́fà: sẹ́fà pa sẹ́fà, ó ku òdì 1.21 lásán. Pín 20 kílò sí 15.41 kílò: kílò pa kílò, ó ku 1.30. Ohun tí 1.21 ń sọ ni pé lọ́jọ́ yẹn owó jìnnà sí àárín ju bó ṣe máa ń jìnnà lọ, díẹ̀. Kò sí orúkọ owó kankan nínú gbólóhùn yẹn. Sọ méjèèjì di púpọ̀, òdì 1.57 ni. Ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ márààrún, ro ó pọ̀, pín in sí mẹ́rin, -0.96 ló máa jáde. Ọ̀nà kúkúrú ni pé kí o gbé -612.5, kí o pín in sí 41.23 lọ́nà 15.41. Ọ̀kan náà ni.

Ní Ìlárá ńkọ́? Ìyàtọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ di 125 náírà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìfọ́nká náà ti tẹ̀ lé e, ó ti di 103.08 náírà. 125 sí 103.08, òdì 1.21 kan náà. 2.5 wọlé láti òkè, 2.5 wọlé láti ìsàlẹ̀, wọ́n pa ara wọn. Ìdí gan-an tí kọrelasiọ́n ò fi ní orúkọ ìwọ̀n nìyẹn, kò sí awo kankan níbẹ̀. Òun náà ni kò jẹ́ kó lè kọjá 1 lókè tàbí òdì 1 nísàlẹ̀: kò sí ohun tó lè bá owó rìn ju bí owó ṣe ń bá ara rẹ̀ rìn lọ, kọrelasiọ́n owó àti ara rẹ̀ sì jẹ́ 1 gẹ́lẹ́.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1888, Francis Galton ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ mọ bí gíga èèyàn àti gígùn apá láti ìgúnpá dé orí ìka ṣe ń bá ara wọn lọ. Gíga máa ń fọ́n ká púpọ̀, ti apá kéré. Ó kọ́kọ́ fi ìfọ́nká tirẹ̀ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ló bá rí i pé nọ́ńbà kan náà ló ń jáde, yálà ó ti gíga lọ sí apá tàbí ó ti apá bọ̀ sí gíga. Karl Pearson ló tún ìṣirò náà tò ní 1896 di irú èyí tí kọ̀ǹpútà rẹ ń ṣe lónìí.

Nǹkan mìíràn tún wà tí kò ṣí kọrelasiọ́n nípò. Ká ní ìyá yín ní kí a fi 50 sẹ́fà owó ọkọ̀ kún owó abọ́ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Àárín náà á fi 50 gòkè, ìyàtọ̀ sí àárín ò ní yí padà. Kofariáńsì pàápàá ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n kíyè sí i: ohun tí mo sọ nípa náírà dúró lórí pé iye kan náà ni ẹ fi ṣẹ́ owó lọ́jọ́ márààrún. Ẹ̀yin ará ẹnubodè mọ̀ pé náírà kì í jókòó sójú kan. Bí àbúrò ìyá yín bá fi iye ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan ṣẹ́ ẹ, 2.4 lónìí, 2.6 lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, 2.5 ò ní sí lókè àti nísàlẹ̀ láti pa ara wọn mọ́. Kọrelasiọ́n tirẹ̀ á yàtọ̀ sí tìrẹ, kò sì ní jẹ́ àṣìṣe. Owó gàrí ní náírà ti di nǹkan mìíràn nìyẹn, gàrí àti ìrìn àjò náírà ló lúpọ̀ nínú rẹ̀.

Wàyí o, má torí èyí ju kofariáńsì nù. Ohun tí kọrelasiọ́n sọ kalẹ̀ yẹn, ìyá yín nílò rẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé, “Tí mo bá fi 10 sẹ́fà lé abọ́, kílò mélòó ni màá pàdánù?”, -0.96 ò lè dáhùn. Kofariáńsì ló lè dáhùn: pín -612.5 sí 1700 tí a rí lẹ́ẹ̀kan, òdì 0.36 ni, ìyẹn ni pé sẹ́fà kan lórí abọ́ ń bá nǹkan bí 0.36 kílò lọ, 10 sẹ́fà ń bá kílò mẹ́ta àtààbọ̀ lé díẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn lè jókòó ti ìyá yín, kí kọrelasiọ́n tirẹ̀ náà jẹ́ -0.96, kó sì jẹ́ pé ìdajì kílò péré ni 10 sẹ́fà ń mú kúrò lọ́wọ́ tirẹ̀. Bí nǹkan ṣe rọ̀ mọ́ ìlà tó lọ gbọọrọ tó ni kọrelasiọ́n ń wọ̀n. Bí ìlà náà ṣe dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ tó, kò kàn án. (Èmi ò ní kọ́kọ́ gbà pé owó ló lé oníbàárà sá, o. Béèrè lọ́wọ́ ìyá yín bóyá gàrí ló wọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó ń dín in, tí wọn ò rí ju 60 kílò gbé wá sọ́jà lọ́jọ́ yẹn. Méjèèjì máa ń fi àmì òdì kan náà sílẹ̀.)

Ó ku ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé Faransé ni Ẹ́sẹ́ẹ̀lì rẹ ń sọ, bíi ti gbogbo wa. Èyí tó yẹ kí o tẹ̀ ni:

```
=COVARIANCE.STANDARD(B2:B6;C2:C6)
=COEFFICIENT.CORRELATION(B2:B6;C2:C6)
```

Àkọ́kọ́ fi mẹ́rin pín, ó fún ọ ní -612.5. Ẹ̀yà rẹ̀ mìíràn wà tó ń jẹ́ `COVARIANCE.PEARSON`. Orúkọ yẹn ti tan ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi ní Àjàṣẹ́ jẹ: wọ́n gbọ́ Pearson, wọ́n rò pé kọrelasiọ́n ni. Kì í ṣe òun. Kofariáńsì náà ni, márùn-ún ló kàn fi pín dípò mẹ́rin, -490 ni yóò sì fún ọ. Kò burú bí o bá dá a lò. Ìgbà tí o bá gbé -490 yẹn, tí o pín in sí ìfọ́nká tí `ECARTYPE.STANDARD` ṣe, ni ọ̀ràn dé, torí márùn-ún wà lókè, mẹ́rin wà nísàlẹ̀. Wàá rí -0.77. Nọ́ńbà náà jókòó jẹ́jẹ́ láàárín òdì 1 àti 1, kò sí ẹni tó máa fura. Bí o bá ṣe òdìkejì rẹ̀, `COVARIANCE.STANDARD` lókè pẹ̀lú `ECARTYPE.PEARSON` nísàlẹ̀, -1.2 ni wàá rí, ìyẹn á ké fúnra rẹ̀ pé irọ́ ni òun. Èyí tí kò ké ni kí o bẹ̀rù. Tí ọjọ́ ọjà bá ti di igba, ìyàtọ̀ náà ò ní hàn mọ́, ṣùgbọ́n lórí ọjọ́ márùn-ún, ìdá kan nínú márùn-ún ló ń jẹ lọ. Ọ̀nà àbáyọ rọrùn: tẹ `COEFFICIENT.CORRELATION` tààrà, kí o fi wé èyí tí o fi ọwọ́ ṣe.

Mo rí i pé o kọ ọjọ́ kẹfà sísàlẹ̀ ìwé náà, o sì fi ìlà fà á já. Ọ̀sẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni, o ní àlejò kún ìlú, abọ́ di 450 sẹ́fà, ìyá yín sì ta 130 kílò. Mo dá a padà sínú ìṣirò láti wò ó. Kofariáńsì kúrò ní -612.5, ó di 343.3, kò sí òdì níwájú rẹ̀ mọ́. Kọrelasiọ́n kúrò ní -0.96, ó di 0.25. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló dojú gbogbo rẹ̀ dé. Ọjọ́ náà jìnnà sí àárín owó, ó sì jìnnà sí àárín kílò, ní apá kan náà. Bí a ṣe sọ ìjìnnà méjèèjì di púpọ̀, ó gbé ọjọ́ márùn-ún yòókù mì. Àìní orúkọ ìwọ̀n ò gba kọrelasiọ́n lọ́wọ́ èyí.

Nítorí náà má fi ìlà fa ọjọ́ náà já, má sì dà á pọ̀ mọ́ ìyókù láìsọ. Ṣí òpó kan sí i nínú ìwé rẹ, kọ “ọdún” síwájú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí o ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú rẹ̀ àti láìsí i. Kí o tó ṣe ìkankan nínú méjèèjì, ya àwọn ọjọ́ náà sórí pépà: owó ní ìbú, kílò ní òró, àmì kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á dá dúró lókè lọ́hùn-ún lápá ọ̀tún, ìyá yín tí kò mọ ohun tí ń jẹ́ kofariáńsì á sì nàka sí i kí ìwọ tó la ẹnu.